Lẹ́tà sí Yunifásítì Jámánì: Ìbéèrè Wo Ni Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Lè Dáhùn?

Lẹ́tà tí àwọn ọmọ wa máa ń kọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yunifásítì ní òkè òkun jọra wọn púpọ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́ á kọ́kọ́ kí sà, á kí mà, á bèèrè àlàáfíà ilé àti iṣẹ́, á sọ bí ìwé kíkà ṣe ń wù ú láti kékeré. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó parí ni á tó bèèrè ohun mẹ́ta: ẹ̀rí wo ni ẹ ń fẹ́, èló ni owó yín, ọjọ́ wo ni fọ́ọ̀mù ń tì? Ọmọ Yorùbá kì í já lu ọ̀rọ̀ láìkíni, nítorí náà lẹ́tà yìí dára létí tiwa. Èsì tí ó sábà máa ń gbà láti Jámánì kò ju ìlà kan lọ: ẹ ka ojú ewé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó kọ èsì yẹn kò gbéra ga. Àwọn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò ní olóhùn kan ṣoṣo. Ní Jámánì, òfin ìpínlẹ̀ ló ń pinnu owó ilé-ìwé, ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ló ń ṣọ́ gbèdéke, iléeṣẹ́ kan tó wà níta yunifásítì pátápátá ló sì sábà máa ń yẹ ìwé ẹ̀rí àwọn àjèjì wò. Ohun tó kù sí ọwọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kéré, ṣùgbọ́n ohun kékeré náà ló máa ń gbé ẹlòmíràn wọlé tàbí kó tì í síta. Òun ló yẹ kí lẹ́tà bèèrè.

Owó ni mo máa kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ló yá parí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ máàsítà ní yunifásítì ìjọba Jámánì kò gba owó ilé-ìwé, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí lọ́wọ́ àlejò. Owó sáà nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Ó sábà máa ń wà láàárín 100 yúrò sí 400, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin sì máa ń wà nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àwọn tó yàtọ̀ wà. Ìpínlẹ̀ Bádẹ́nì-Wọ́tẹ́mbẹ́gì ti ń gba 1,500 yúrò ní sẹ̀mẹ́sítà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti ọdún 2017. Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Múníìkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba 4,000 tàbí 6,000 yúrò ní sẹ̀mẹ́sítà fún máàsítà láti ìparí ọdún 2024. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn máàsítà kan wà tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn yẹn ń gba owó níbikíbi. Nítorí náà, ìbéèrè owó tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lè dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ẹ̀kọ́ yín yìí wà lára àwọn tí ń gba owó?

Owó ńlá tó ń dẹ́rù ba ènìyàn kì í ṣe ti ilé-ìwé rárá. Owó oúnjẹ àti ilé ni, tí ẹni tó ń wá físà sábà máa ń fi pamọ́ sínú àkáǹtì tí wọ́n ti tì pa, tí kò ní lè fà ju iye kan lọ nínú rẹ̀ lóṣù. Láti ọdún 2024, iye náà jẹ́ 11,904 yúrò fún ọdún kan, ìyẹn 992 lóṣù. Bí yúrò kan bá jẹ́ ₦1,700, ó ti lé ní ogún mílíọ̀nù náírà. Yunifásítì kò rí owó yìí, kò sì lè dín in kù. Ọ́fíìsì àwọn aṣojú ìjọba Jámánì ló ń bèèrè rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n jiọ́lọ́jì pé kó bá òun dín àkáǹtì náà kù ti fi lẹ́tà ṣòfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wà gan-an ni ti ẹ̀rí ìwé. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan tó ka jiọ́lọ́jì fún ọdún mẹ́rin ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá, tó parí pẹ̀lú gírédì àpapọ̀ 3.10 nínú 5.00. Tú-tú nìyẹn. Ó fẹ́ ṣe máàsítà lórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó sì rí ẹ̀kọ́ kan tí ojú ewé rẹ̀ sọ pé gírédì ẹni tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ burú ju 2.5 lọ. Bí ó bá fi ojú Nàìjíríà wò ó, inú rẹ̀ á dùn, nítorí 3.10 ju 2.5 lọ. Ṣùgbọ́n òdìkejì ni òǹkà Jámánì. 1.0 ló dára jù níbẹ̀, 4.0 sì ni páàsì ìkẹyìn. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga tó ni iṣẹ́ ń burú tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí 3.10 rẹ̀ padà kí wọ́n tó mọ ibi tó dúró sí, fọ́múlà kan tí wọ́n fi orúkọ ìpínlẹ̀ Bàfáríà pè ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sì ń lò:

```
x = 1 + 3 × (Nmax − Nd) ÷ (Nmax − Nmin)
```

`Nmax` ni gírédì tó ga jù lọ nílé-ìwé rẹ, 5.00 fún obìnrin yìí. `Nd` ni èyí tí ìwọ fúnra rẹ gbà, 3.10. Àwọn méjì yìí kò ní àríyànjiyàn. `Nmin` ni gírédì tó kéré jù tí ilé-ìwé rẹ ṣì lè fún ènìyàn ní dìgírì lé lórí, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Àwọn yunifásítì wa kan ń fún ènìyàn ní páàsì láti 1.00. Àwọn mìíràn kò ní páàsì, tẹ́ẹ̀dì kíláàsì ni wọ́n dúró sí, ìyẹn 1.50.

Ẹ wá wo ohun tí ìyàtọ̀ yẹn ń ṣe. Bí wọ́n bá fi 1.00 ṣírò, 5.00 dín 3.10 jẹ́ 1.90, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 5.70; ẹ pín in sí 4.00, ó fún wa ní 1.42 àti díẹ̀. Ẹ fi 1 kún un, 2.42 ni. Obìnrin wa ti wọlé. Bí wọ́n bá fi 1.50 ṣírò, 5.70 kan náà ni wọ́n máa pín sí 3.50, bí wọ́n bá sì fi 1 kún un, yóò di 2.62 àti díẹ̀. Kò wọlé mọ́. Ènìyàn kan náà ni, transíkíríìpù kan náà, kò sí kọ́ọ̀sì tí ó tún kọ́ láàárín méjèèjì.

Ta ló wá ń yan èyí tí wọ́n máa lò? Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ni, ohun tó bá rí nínú ìwé ló sì máa tẹ̀lé. Àlàyé gírédì sábà máa ń wà lẹ́yìn transíkíríìpù wa, ní lẹ́tà wínníwínní, ojú ewé yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ṣe àwòkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ń ṣírò á wá ohun tó mọ̀ nípa Nàìjíríà lò, ó sì lè má jẹ́ ti ilé-ìwé rẹ. Obìnrin wa gbọ́dọ̀ fi ojú ewé ẹ̀yìn ránṣẹ́. Bí ilé-ìwé rẹ̀ kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, kó lọ gba ìwé lọ́wọ́ rẹjísítírà tó sọ gírédì tó kéré jù tí wọ́n fi ń fúnni ní dìgírì. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè rẹ̀ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ máa ní ìtumọ̀: nọ́ńbà wo lẹ ń lò fún `Nmin` bí ìwé bá ti Nàìjíríà wá?

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Bí ilé-ìwé rẹ̀ bá ń lo 1.50, 1.50 náà ni. Àwọn èjẹ́ǹtì kan wà tí wọ́n máa ní kó jẹ́ kí àwọn bá a "tún ìwé ṣe". Àwọn ará Jámánì ń padà sí ilé-ìwé tó kọ ìwé láti bèèrè bóyá òótọ́ ni, ẹni tí wọ́n bá sì mú pàdánù ju ààyè ọdún kan lọ. Ọ̀nà rẹ̀ ni láti wá ẹ̀kọ́ tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 3.0, tàbí èyí tí kò ní ààlà gírédì. Wọ́n wà.

Gírédì nìkan kọ́ ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ń wò. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ohun tó kọ́ tó èyí tí àwọn ọmọ tiwọn kọ́. Ojú ewé wọn lè sọ pé ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ní 20 ECTS nínú ìṣirò àti físíìsì. ECTS ni ìwọ̀n tí ilé-ìwé Yúróòpù fi ń díwọ̀n iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. 60 ló wà nínú ọdún kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró fún wákàtí 25 sí 30, àti ti kíláàsì àti ti ìwé tí ènìyàn dá kà nílé. Yúníìtì tiwa kì í ṣe ohun kan náà. Ká ní obìnrin wa ṣe yúníìtì 36 ní ọdún kan, tí 12 nínú wọn jẹ́ ìṣirò àti físíìsì. Ẹni tó bá ka 12 náà bí ẹni ń ka ECTS á sọ pé kò tó, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ọdún rẹ̀ ní yúníìtì 36 níbi tí ọdún tiwọn ti ní 60, nítorí náà yúníìtì kan tirẹ̀ dúró fún nǹkan bíi 1.67 tiwọn. Méjìlá rẹ̀ di 20 géérégé.

Èyí ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ́fíìsì ìgbaniwọlé kò lè wo àkọlé kọ́ọ̀sì Nàìjíríà kan kó mọ̀ bóyá ìṣirò tó jinlẹ̀ ni tàbí èyí tí wọ́n fi bá ọmọ ọdún kìíní ṣeré. Olùkọ́ tó ń dámọ̀ràn fún ẹ̀kọ́ náà lè mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá fi àlàyé ohun tó wà nínú kọ́ọ̀sì hàn án. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú ewé yunifásítì ni `Fachstudienberatung`. Ẹni tí lẹ́tà yẹ kó lọ bá nìyẹn, kì í ṣe ọ̀gá ẹ̀ka, kì í sì í ṣe gíwá yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa máa ń gbà pé ẹni tó ga jù ló yẹ kí á bá sọ̀rọ̀. Àlàyé kọ́ọ̀sì máa ń wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà ẹ̀ka tiwa, èyí tí wọ́n fún wa lọ́dún kìíní, tí ẹlòmíràn ti sọnù. Ẹni tó bá ṣì ní tirẹ̀ kó tọ́jú rẹ̀.

Ní ti èdè, ìbéèrè kan péré ni: ṣé ẹ ń gba ìwé yunifásítì tó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi, àbí dandan ni ìdánwò bíi IELTS? Ilé-ìwé kan á gbà á, òmíràn kò ní gbà. Kí ènìyàn bèèrè kó tó lọ san owó ìdánwò.

Gbèdéke ló kù, òun ló sì ń tan ènìyàn jù. Ká ní ojú ewé sọ pé 31 Oṣù Karùn-ún ni fọ́ọ̀mù máa tì fún sẹ̀mẹ́sítà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá. Obìnrin wa lè rò pé bí òun bá fi ìwé ránṣẹ́ ní 28 Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ṣì wà. Ó sinmi lórí ibi tí ọjọ́ náà ń sọ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ti gbé yíyẹ ìwé àjèjì wò fún uni-assist, ẹgbẹ́ kan tó wà ní Bẹ̀líìnì. 75 yúrò ni wọ́n ń gbà fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá fẹ́ wọlé sí, 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e ní sẹ̀mẹ́sítà kan náà. Àwọn yunifásítì kan ní kí uni-assist gba gbogbo ìwé kó sì bá wọn fi ránṣẹ́. Níbẹ̀, 31 jẹ́ ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ uni-assist. Àwọn mìíràn ní kí ènìyàn kọ́kọ́ gba ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní `VPD` lọ́dọ̀ uni-assist, èyí tí gírédì yíyípadà yẹn wà nínú rẹ̀, kó wá fi í kún fọ́ọ̀mù yunifásítì fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, 31 jẹ́ ọjọ́ tí `VPD` ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, ó sì máa ń gba uni-assist tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láti ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn. Bí `VPD` bá gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó di ìparí Oṣù Karùn-ún, ìwé gbọ́dọ̀ ti dé Bẹ̀líìnì ní àárín Oṣù Kẹrin. Wọn kì í fọwọ́ kan ìwé títí owó fi wọlé, owó láti báńkì Nàìjíríà sì lè pẹ́ lọ́nà, tàbí kí káàdì kọ̀ pátápátá. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sí i fún ìyẹn. Transíkíríìpù nílé-ìwé wa, ẹni tó bá ti lọ gbà á rí mọ̀ pé oṣù kan lè má tó. Obìnrin wa gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ ní Oṣù Kejì, bí ó bá sì fẹ́ kọ lẹ́tà ìbéèrè, Oṣù Kìíní ló yẹ kó kọ ọ́. Ohun kékeré kan tún wà: aago Jámánì ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ní Oṣù Karùn-ún, bí ó bá di aago mọ́kànlá alẹ́ ku ìṣẹ́jú kan ní Ìbàdàn, ọjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù á sì tì.

Lẹ́tà tó máa kọ nìyí. Ní Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ:

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ ǹlẹ́ o. Mo ti ka ojú ewé ẹ̀kọ́ máàsítà yín lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Mo gba dìgírì nínú jiọ́lọ́jì ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́rin, gírédì 3.10 nínú 5.00, gírédì tó kéré jù tí ilé-ìwé mi fi ń fúnni ní dìgírì jẹ́ 1.00, ìwé rẹjísítírà tó sọ bẹ́ẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Ìkíní: mo ní yúníìtì 12 nínú ìṣirò àti físíìsì, nínú ọdún tó ní yúníìtì 36; àlàyé àwọn kọ́ọ̀sì náà wà pẹ̀lú lẹ́tà. Ṣé ẹ lè kà á mọ́ 20 ECTS tí ẹ ń fẹ́? Ìkejì: ṣé 31 Oṣù Karùn-ún jẹ́ ọjọ́ fún uni-assist, àbí fún fọ́ọ̀mù tiyín lẹ́yìn tí `VPD` bá ti jáde? Ìkẹta: ṣé ẹ ń gba ìwé yunifásítì dípò ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ ṣeun."

Orúkọ bàbá ni yóò fi pe Ọ̀mọ̀wé náà, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ìkómọjáde. Kò sí sà, kò sí mà, kò sí ìtàn ìgbà èwe. Kí àkọlé ímeèlì náà ní orúkọ ẹ̀kọ́ àti sẹ̀mẹ́sítà nínú, nítorí olùdámọ̀ràn kan lè máa bójú tó ẹ̀kọ́ mẹ́ta.

Èsì tó máa gbà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ní kíkún, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn kò lè ṣe ìdájọ́ kí fọ́ọ̀mù tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka èyí sí ìkọ̀sílẹ̀, wọ́n á sì jáwọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbaniwọlé ló ní àṣẹ, olùdámọ̀ràn kò sì fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí tí ìgbìmọ̀ lè yí padà. Ohun tó yẹ kó wò ni bóyá wọ́n dáhùn ìbéèrè kejì, ti ọjọ́, nítorí ìyẹn kò nílò ìgbìmọ̀. Bí èsì bá sọ pé kọ́ọ̀sì rẹ̀ "dà bí ẹni pé ó tó", kó tọ́jú ímeèlì náà, kó sì fi àlàyé kọ́ọ̀sì kan náà kún fọ́ọ̀mù, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìgbìmọ̀ má rí lẹ́tà tó kọ sí olùdámọ̀ràn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, kó kọ ìlà méjì rán an létí. Láàárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun àti nínú Oṣù Kẹjọ, ọ́fíìsì ibẹ̀ máa ń dá, kó yáa fi ọ̀sẹ̀ kan kún un kó tó tún kọ̀wé.